Déètì Tó Gbọ́ràn Láìjiyàn Ni Kí Ẹ Fura Sí

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá mi ń ta àgbọn àti àdí àgbọn fún àwọn oníbàárà ní Àjàṣẹ́, èmi sì ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn níbí ní Àgbádárìgì. Mo fi lapitọ́ọ̀pù mi tẹ àwọn déètì kan, àbúrò mi tẹ àwọn kan lórí fóònù rẹ̀ ó sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́, a sì da àwọn mìíràn kọ láti inú rìsíìtì tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Nígbà tí mo ní kí Excel tò wọ́n, ó gbé 11/4 lọ sáàárín àwọn ti ìparí ọdún, àwọn kan sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Oníbàárà kan ní òun ti sanwó kí òun tó gba ẹrù kejì, ìyá mi ní lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú nìkan ni ọkọ̀ wa máa ń kó ẹrù lọ. Mo fi ìlà márùn-ún tó jẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2023 ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè tò ó kí ó tọ̀nà?”

Àwọn ìlà tó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dà yín láàmú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, àwọn gan-an ni kò parọ́. Àwọn tó dúró jẹ́ẹ́ lókè, tó dà bí ẹni pé wọ́n ti yé Excel, ni ó yẹ kí ẹ fura sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún tò ó mọ́ títí a ó fi mọ ohun tí kọ̀ǹpútà gbà pé ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Títò ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀dà fáìlì náà tí ẹ kò tíì tò rí, bóyá èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín lórí Wáásáàpù, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí àwọn ìlà ṣe tẹ̀ léra nígbà tí ẹ tẹ̀ wọ́n jẹ́ ẹ̀rí tí a máa nílò.

Excel kì í fi déètì pamọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ó ń ka ọjọ́ ni, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, tí ó pè ní 1. Lójú rẹ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2023 ni 45019, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà sì ni 44989. Ohun tí ẹ ń rí lójú àwòrán, yálà 3/4/2023 tàbí ìrísí mìíràn, aṣọ ni wọ́n fi wọ nọ́ńbà náà, a sì lè pààrọ̀ aṣọ náà láìfọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ní kí ó tò wọ́n, nọ́ńbà yìí ló ń tò, kò wo aṣọ rárá. Àpótí tí Excel kò bá lè rí déètì kankan nínú ohun tí a tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ lásán ló máa kà á sí, kò sì ní nọ́ńbà. Bí ó bá ń tò láti kékeré sí ńlá, gbogbo nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà ni ó máa kó ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Ìdí nìyẹn tí “28/03/2023” fi ṣáájú “7 avril 2023” ní ìsàlẹ̀ fáìlì yín. Kò mọ̀ pé oṣù kẹta ṣáájú oṣù kẹrin. Ó kàn rí i pé 2 ṣáájú 7 ni.

Báwo wá ni 28/03/2023 ṣe di ọ̀rọ̀, tí 03/04/2023 sì di déètì, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ wọ́n lórí lapitọ́ọ̀pù kan náà? Ètò ìlú tó wà lórí lapitọ́ọ̀pù yín ló fà á. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà níhìn-ín ni wọ́n ti ṣètò sí English (United States), àwọn ará Amẹ́ríkà sì máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Nígbà tí ẹ tẹ 03/04/2023, tí ẹ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́kàn, ẹ̀rọ náà gbà á gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ó fi 44989 pamọ́, kò sì bi yín léèrè ohunkóhun. Nígbà tí ẹ tẹ 28/03/2023, ó wá oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n, kò rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kíkọ̀ tó kọ̀ dáàbò bo ìlà náà: ohun tí ẹ tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìlà tó gbà ni ó ti yí padà, ó sì tún ń fi 3/4/2023 hàn yín, tó bá ohun tó wà lọ́kàn yín mu, tí ọkàn yín sì fi balẹ̀. Àmì kékeré kan wà tí kì í sábà tàsé: bí ẹ bá tẹ òdo síwájú, tí ẹ̀rọ náà yọ òdo náà kúrò, tó sì gbé e sí apá ọ̀tún àpótí, ó ti sọ ọ́ di déètì, bí òdo náà bá ṣì wà, tí ó sì fẹ̀gbẹ́ ti apá òsì, ọ̀rọ̀ ni.

Ti àbúrò yín wá yàtọ̀. Fóònù rẹ̀ ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù bí àwa ṣe ń ṣe, nítorí náà 05/04/2023 tó tẹ̀ jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ní tòótọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 45021. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ṣí fáìlì rẹ̀ lórí lapitọ́ọ̀pù yín, lapitọ́ọ̀pù wọ aṣọ tirẹ̀ fún un, ó sì fi 4/5/2023 hàn. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí ẹ tẹ̀ jọ òótọ́ lójú, kò sì tọ̀nà, èyí tí ó tẹ̀ jọ àṣìṣe lójú, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá fi ojú lásán tún fáìlì yìí ṣe yóò ba èyí tó dára jẹ́, yóò sì fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrora, nítorí pé mo ti ṣe é rí. Àwọn ẹbí kan tó ń ta ẹja gbígbẹ gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Mo rí i pé ọjọ́ àti oṣù ti yí po, mo sì fi fọ́múlà yí gbogbo òpó náà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìbéèrè ẹni tó tẹ ìlà wo. Ìdá kan nínú rẹ̀ wá láti orí ẹ̀rọ tí kò ní àléébù kankan, èmi ni mo wá fọwọ́ ara mi dà á rú. Ìyàwó ilé náà ló rí i, nígbà tó bá owó tí òun gbà lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀ nínú oṣù mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ènìyàn ni pé, ta ló tẹ ìlà yìí, orí ẹ̀rọ wo ló sì ti tẹ̀ ẹ́?

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe nìyí. Nínú ẹ̀dà fáìlì náà, ẹ fi òpó kan síwájú, kí ẹ sì fi 1, 2, 3 kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lè dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Kí déètì wà ní òpó B. Ní òpó C, ẹ kọ lẹ́tà kan fún orísun ìlà kọ̀ọ̀kan: L fún lapitọ́ọ̀pù, F fún fóònù, A fún rìsíìtì Àjàṣẹ́ tí ẹ fi orúkọ oṣù kọ. Bí ìlà kan bá wà tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ lórí lapitọ́ọ̀pù ṣùgbọ́n tí ẹ kọ orúkọ oṣù sí i, bíi 3 April 2023, ẹ má ṣe fi L sí i, ẹ fi A sí i, nítorí pé ẹ̀rọ kankan kò lè ṣi orúkọ oṣù lò bí ó ṣe ń ṣi nọ́ńbà lò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan òpó B, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ lọ sí Custom, kí ẹ sì tẹ `d mmmm yyyy` sí i. Èyí kò yí nọ́ńbà kankan padà, ó kàn ń mú kí Excel fi orúkọ oṣù jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. 3/4/2023 yín yóò di 4 March 2023 lójú yín, ẹ ó sì rí i kedere pé ó ti yí. Àwọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kò ní yí ìrísí padà rárá, bí ẹ ṣe tẹ̀ wọ́n náà ni wọn yóò ṣe wà.

Bí ẹ kò bá rántí ẹni tó tẹ àwọn ìlà kan ńkọ́? Ẹ wo ìdìpọ̀ ìlà tó tẹ̀ léra, ẹ má wo ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ olóṣù-ṣáájú bá gba ìdìpọ̀ déètì tí a fi ọjọ́ ṣáájú tẹ̀, gbogbo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ju 12 lọ ni yóò wà bí ọ̀rọ̀, gbogbo èyí tó sì di déètì ni kò ní kọjá ọjọ́ kejìlá nínú oṣù èyíkéyìí. Ẹ ó rí 4 March, 4 November, 9 January, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí 19 tàbí 26 níbì kankan. Kò sí oníṣòwò tí kì í tajà lẹ́yìn ọjọ́ kejìlá oṣù, nítorí náà bí irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gùn tó ogún tàbí ọgbọ̀n ìlà, ọ̀rọ̀ ti tán, ó ti yí. Bí ẹ bá sì rí 19 April tàbí 26 May tó jẹ́ déètì tòótọ́ nínú ìdìpọ̀ náà, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdìpọ̀ ni pé ìlà kan ṣoṣo kì í sábà lè sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Ọjọ́ 12 àkọ́kọ́ nínú oṣù 12 jẹ́ 144. Ẹ yọ 12 tí ọjọ́ àti oṣù jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 04/04, ó ku 132 ọjọ́ nínú ọdún tí a lè kà sí ọ̀nà méjì, tí méjèèjì yóò sì jẹ́ déètì gidi.

Kí a tó kan fọ́múlà, ẹ kọ́kọ́ yanjú ti Faransé, torí pé òun ló rọrùn jù. Ẹ lo Find and Replace, kí ẹ fi April rọ́pò avril, March rọ́pò mars, May rọ́pò mai, August rọ́pò août, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún juin àti juillet: juin ni June, juillet ni July, mo sì ti rí ẹni tó kà wọ́n sí ọ̀kan náà nítorí pé wọ́n ké wọn kúrú. Níbi tí wọ́n bá kọ 1er, ẹ yọ er kúrò kí 1 nìkan kù. Bí Excel bá ti parí rírọ́pò, yóò tún àpótí náà kà, 7 April 2023 yóò sì di déètì tòótọ́, yálà ti Amẹ́ríkà ni ètò ẹ̀rọ tàbí tiwa.

Ó wá ku àwọn ìlà L. Ní òpó D, ní ìlà kejì, ẹ tẹ èyí, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IF(C2<>"L",B2,IF(ISNUMBER(B2),DATE(YEAR(B2),DAY(B2),MONTH(B2)),DATE(RIGHT(B2,4),MID(B2,4,2),LEFT(B2,2))))
```

Ohun tó ń sọ ni pé bí ìlà kò bá jẹ́ ti lapitọ́ọ̀pù, kí ó gbé déètì náà bí ó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ ti lapitọ́ọ̀pù tó sì ti di nọ́ńbà, kí ó fi ọjọ́ sí ipò oṣù, kí ó sì fi oṣù sí ipò ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, kí ó mú nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn bí ọdún, méjì tó wà láàárín bí oṣù, méjì àkọ́kọ́ bí ọjọ́. Bí ẹ bá rí `#VALUE!` níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ oṣù láìfi òdo síwájú rẹ̀, bíi 28/3/2023, tàbí kí àyè òfìfo kan wà ṣáájú ọjọ́. Ẹ fi ọwọ́ tún ìyẹn ṣe nínú òpó B. Ẹ fún òpó D náà ní ìrísí `d mmmm yyyy`, nítorí pé ó lè kọ́kọ́ yọ bíi 45019, èyí tí kì í ṣe àṣìṣe, nọ́ńbà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, tí kò tíì wọ aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlà márùn-ún tí ẹ fi ránṣẹ́ dán an wò. Lórí lapitọ́ọ̀pù ni ẹ ti tẹ 28/03/2023 tó jẹ́ owó, 03/04/2023 tó jẹ́ ẹrù àkọ́kọ́, àti 11/04/2023 tó tún jẹ́ owó. Orí fóònù ni ẹrù kejì ti wá, 05/04/2023. Rìsíìtì Faransé ni 7 avril 2023, owó náà ni. Bí Excel ṣe tò wọ́n tẹ́lẹ̀ nìyí: ẹrù àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ẹrù kejì ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, owó kan ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà owó méjì tí kò ní déètì lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé oníbàárà yín kó ẹrù lẹ́ẹ̀méjì, kò sì san kọ́bọ̀ fún oṣù méje. Lẹ́yìn fọ́múlà, ó di owó ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ẹrù ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹrù ní ọjọ́ karùn-ún, owó ní ọjọ́ keje, owó ní ọjọ́ kọkànlá.

Ẹ má tíì gbà mí gbọ́. Ẹ ti fún wa ní ẹlẹ́rìí kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní, èyíinì ni ọjọ́ tí ọkọ̀ yín ń lọ. Ẹ tẹ `=TEXT(D2,"dddd")` sí òpó E, yóò sì sọ orúkọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2023 jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún sì jẹ́ Ọjọ́rú. Bí a bá ka ẹrù àkọ́kọ́ bí lapitọ́ọ̀pù ṣe kà á, Àbámẹ́ta ni yóò bọ́ sí. Bí a bá sì yí ti fóònù padà, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, Ọjọ́bọ̀ ni yóò jẹ́. Ọkọ̀ yín kì í lọ ní ọjọ́ méjèèjì. Ẹ fi èyí wo gbogbo ìlà ẹrù inú fáìlì náà, èyí tí kò bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ tún yẹ̀ wò. Ẹ̀rí yìí kò ràn wá lọ́wọ́ lórí ìlà owó, nítorí pé ọjọ́ gbogbo ni ènìyàn lè sanwó. Àwọn déètì kan sì wà tí kò lè yà rárá: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún àti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án máa ń bọ́ sí orúkọ ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ keje oṣù kọkànlá àti ọjọ́ kọkànlá oṣù keje. Ní ọdún 2023, Ìṣẹ́gun ni gbogbo wọn. Fún irú ìyẹn, ìwé tí ìyá yín fi ọwọ́ kọ, nọ́ńbà rìsíìtì, tàbí iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni ẹ máa wò.

Àwọn mìíràn yóò ṣẹ́kù tí ẹ kò ní rí ẹ̀rí kankan fún, tí ẹ kò sì mọ ẹni tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ “kò dájú” sí iwájú wọn ní òpó F, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun tí ẹ tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí fọ́múlà tó lè mọ̀ pé ọwọ́ ṣèèṣì tẹ 6 dípò 5. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ gba gbèsè lọ́wọ́ ènìyàn.

Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ẹ da òpó D kọ sórí ara rẹ̀ pẹ̀lú Paste Values, kí fọ́múlà kúrò kí déètì nìkan kù, kí ẹ wá tò ó. Bí Excel bá béèrè, Expand the selection ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá to òpó D nìkan, déètì yóò tò, ṣùgbọ́n orúkọ àti owó kò ní bá a rìn, gbogbo oníbàárà yín ni yóò sì gba déètì ẹlòmíràn. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ̀yin àti àbúrò yín máa tẹ ọdún ṣáájú, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, bíi 2023-04-03, pẹ̀lú òdo rẹ̀. Lapitọ́ọ̀pù yín àti fóònù rẹ̀ yóò kà á bákan náà, bí ó bá tilẹ̀ di ọ̀rọ̀ níbì kan, àwọn tó wà ní ìrísí yẹn yóò ṣì tẹ̀ léra bó ṣe yẹ láàárín ara wọn.

Ní ti oníbàárà yín, ẹ wo ìlà owó méjì tó ṣe kókó. Ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta kò lè jẹ́ ohun mìíràn, nítorí pé kò sí oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n. Ti ọjọ́ keje oṣù kẹrin ní orúkọ oṣù tí wọ́n kọ sí orí rìsíìtì láti Àjàṣẹ́ fúnra wọn. Ọ̀kan ṣáájú ẹrù méjèèjì, èkejì dé ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹrù kejì. Ó ṣeé ṣe kí ó máa sọ̀rọ̀ owó àkọ́kọ́, kí ìyá yín sì máa sọ̀rọ̀ owó kejì, kí wọ́n jọ máa sọ òtítọ́. Kí ẹ tó bi í ní ìgbà tó sanwó, ẹ bi í léèrè iye tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ sì wo ìlà tí iye náà wà.